Bàbá Kò-Ṣófo àti Mẹ́rin Nínú Mẹ́fà

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó kan ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ ara rẹ̀ kó tó wọlé, tó tún yọjú wo orí àga kó tó jókòó sí i, ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bàbá Kò-Ṣófo nìyẹn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ìṣirò, apá ibi tí nọ́ńbà ti kéré tí àròjinlẹ̀ sì pọ̀, kò sì sí ọdún kan tí kò bá ẹnì kan jà nítorí òfo.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìjà náà ṣe rí. Nínú ìṣirò tó ń kọ́ wọn, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ èèyàn o. Àkójọ àwọn ohun tí a lè ṣe ni. Bí a bá ṣe ọ̀kan, tí a tún ṣe òmíràn tẹ̀ lé e, àpapọ̀ méjèèjì á jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó wà nílẹ̀ náà. Ọ̀kan wà láàárín wọn tí kì í ṣe nǹkan kan rárá, Aláìṣe-nǹkan ni Bàbá máa ń pè é, ó sì máa ń sọ pé irú rẹ̀ kò wọ́n ní ọ́fíìsì. Ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní ẹnì kejì tó ń tú ohun tó ṣe ká. Nígbà mìíràn, díẹ̀ nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lè yà sọ́tọ̀ kí wọ́n sì dá dúró bí ẹgbẹ́ kékeré inú ẹgbẹ́ ńlá. Àmọ́ kí a tó gbà fún wọn, ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n gbọ́dọ̀ dáhùn. Ṣé àkójọ yín kò ṣófo? Bí ẹ bá so méjì nínú yín pọ̀, ṣé èsì rẹ̀ kò ní jáde síta? Ṣé ẹni tó ń tú iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan yín ká wà nínú ilé pẹ̀lú yín?

Ìbéèrè kejì àti ìkẹta ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sáré bá. Wọ́n á fo ti àkọ́kọ́, torí ó dà bíi pé ta ni kò mọ̀. Háà! Ibẹ̀ gan-an ni Bàbá ti máa ń ká wọn mọ́. Ó ní kí wọ́n bá òun gbẹ́ òǹtẹ̀ rọ́bà kan tó ní inkì pupa, ohun tó sì wà lára òǹtẹ̀ náà ni: KÒ ṢÓFO ŃKỌ́? Bó bá ti rí ìwé tí kò ti ìdí òfo bẹ̀rẹ̀, gbì! Máàkì mẹ́rin ti lọ nìyẹn. Àwọn tó jáde ní ogún ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́, ṣì ń gbọ́ gbì náà nínú oorun.

Ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, kì í jẹ́ kó gbádùn nílé. Bó bá béèrè oúnjẹ, ìyàwó á ní, "Ẹ ti fi hàn pé ìkòkò ò ṣófo?" Bàbá á ní kò sí ọ̀wọ̀ mọ́ láyé. Ẹ̀rín á sì pa àwọn méjèèjì.

Ọdún tí à ń sọ yìí ni ọdún tó gbẹ̀yìn fún un lẹ́nu iṣẹ́. Ìdánwò kan ló kù, ó sì fẹ́ kó dùn. Láti ọdún pípẹ́ wá, ìbéèrè kẹrin rẹ̀ kì í yí padà púpọ̀. Apá àkọ́kọ́ á kọ́kọ́ sọ pé ẹgbẹ́ onípààrọ̀ ni ẹgbẹ́ ńlá náà, ìyẹn ni pé bí o ṣe èyí kó o tó ṣe tọ̀hún, tàbí o ṣe tọ̀hún kó o tó ṣe èyí, ibì kan náà lo máa bọ́ sí. Apá kejì á wá ní kí wọ́n kó gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé bí a bá ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, a ó padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n fi hàn pé àwọn yẹn jẹ́ ẹgbẹ́ kékeré, kí wọ́n sì fi òfin pípín kádìí rẹ̀. Òfin pípín ò le: iye ọmọ ẹgbẹ́ kékeré gbọ́dọ̀ pín iye ọmọ ẹgbẹ́ ńlá láìṣẹ́kù, bí ẹgbẹ́ ńlá náà bá ṣeé kà tán.

Lọ́dún yìí, Bàbá ní òun fẹ́ kí ìbéèrè náà mọ́ tónítóní. Ó gé apá àkọ́kọ́ kúrò. Ó ka ìyókù lẹ́ẹ̀mẹta, ó yìn ín, ó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, ó sì fi inú dídùn lọ sùn. Kò rántí pé apá àkọ́kọ́ tó gé sọnù ni ọ̀rọ̀ náà, onípààrọ̀, ń gbé.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìnlélógójì jókòó sínú gbọ̀ngàn, fáànù ń ké kíí-kíí lókè, Bàbá ń rìn láàárín wọn bí ọ̀gá ṣọ́jà. Ààbọ̀ wákàtí kò tíì pé tí obìnrin kan ní ìlà ẹ̀yìn na ọwọ́ sókè.

Gbogbo kíláàsì mọ̀ ọ́n, Aránṣọ ni wọ́n ń pè é. Ó ti lé díẹ̀ lógójì ọdún, ó ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta wà, àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń lọ sí sẹ́kọ́ńdírì. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù ú kó di olùkọ́ ìṣirò, ló bá padà wá síléèwé. Gbogbo iṣẹ́ yòókù ló ti yege nínú rẹ̀. Eléyìí nìkan ló kù, ó sì ti já nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìlànà iléèwé náà ò sì ṣòro gbọ́: ẹni tó bá já lẹ́ẹ̀mẹta, kó máa lọ sílé, kò sí ìwé ẹ̀rí.

"Kí ló dé?" Bàbá bi í.

Aránṣọ dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìbéèrè kẹrin yìí. Ó dà bíi pé..."

"Kò dà bí nǹkan kan. Ìbéèrè mi kì í ṣàṣìṣe, èèyàn ló ń ṣì í kà. Jókòó, màmá, kí o tún un kà."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín sábẹ́ ẹnu. Aránṣọ jókòó, ó tún un kà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Bàbá kó ìwé ìdánwò sórí tábìlì, ó ṣí inkì pupa. Ìdáhùn ìbéèrè kẹrin ti wà lórí rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, kò tiẹ̀ nílò kó máa ka gbogbo rẹ̀. Kò ṣófo: wọ́n kọ ọ́, máàkì mẹ́rin. Ẹni tó ń túni ká wà nílé: mẹ́rin. Bí a so méjì pọ̀, kò jáde: mẹ́fà. Òfin pípín: mẹ́fà. Ogún pé pérépéré. Ìwé kan, ìwé méjì, ogún ìwé, ogójì ìwé, gbogbo wọn ló gbà. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Nítorí ìbẹ̀rù òǹtẹ̀, kò sẹ́ni tó fo òfo lọ́dún yìí. Ó ní, "Ẹ ò rí i? Ìyà tí mo fi jẹ yín ti di ọgbọ́n."

Ó wá kan ìwé Aránṣọ. Níbi tí àwọn tó kù ti kọ ojú ìwé kan àtààbọ̀, ìlà márùn-ún lòun kọ, ó ya igun mẹ́ta kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì kádìí rẹ̀ báyìí: "Mẹ́rin kò pín mẹ́fà. Nítorí náà, ohun tí wọ́n ní kí a fi hàn kì í ṣòótọ́."

Bàbá yọ ìgò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. "Wọ́n ní kí o fi hàn pé ó rí bẹ́ẹ̀, o ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ lo ṣe ìdánwò ni, àbí èmi?" Ó wá ibi tó ti kọ ọ́ pé àkójọ náà kò ṣófo, kò rí i. Gbì! Ó kọ òdo sí i. Ó ka àpapọ̀ rẹ̀: mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Ogójì ni wọ́n fi ń yege. Ó mí kanlẹ̀, torí kì í ṣe ìkà èèyàn, ó sì mú ìwé tó kàn.

Àyè wà fún akẹ́kọ̀ọ́ láti wá wo ìwé rẹ̀ kí ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí èsì. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Aránṣọ kanlẹ̀kùn, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ torí ìyára.

"Ẹ káàárọ̀ sà."

"Káàárọ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀bẹ̀ máàkì lo bá wá, mi ò ní ín lápò."

"Rárá o, sà. Kí ẹ bá mi ka nǹkan kan ni."

Ó jókòó, ó wo òǹtẹ̀ pupa tó wà lórí ìwé rẹ̀. Ó wá yọ páálí kan látinú àpò. Igun mẹ́ta ni, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gùn bákan náà, òun ló fi máa ń gé àkísà aṣọ tó ń tò pọ̀ di ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì. Ó gbé e lé orí ìwé, ó fi ṣọ́ọ̀kì búlúù rẹ̀ tẹ̀ lé etí rẹ̀ yíká, ó ní, "Ilé rẹ̀ nìyí, sà." Ó fi ṣọ́ọ̀kì to ẹyọ àmì sí igun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ẹyọ kan, ẹyọ méjì, ẹyọ mẹ́ta, níwájú àti lẹ́yìn.

"Ọ̀nà mélòó la lè gbà gbé e jáde ká tún gbé e padà sínú ilé rẹ̀ kó bá a mu?"

"Mẹ́fà. Ọmọ ọdún kìn-ín-ní mọ ìyẹn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kà á, sà. Ká fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ọ̀kan. Ká yí i ní igun kan, méjì. Ká yí i ní igun méjì, mẹ́ta. Ká di igun òkè mú ká dojú rẹ̀ délẹ̀, mẹ́rin. Ká di igun òsì mú ká dojú rẹ̀ délẹ̀, márùn-ún. Ká ṣe ti igun ọ̀tún náà bẹ́ẹ̀, mẹ́fà. Ẹgbẹ́ ni wọ́n, àbí kì í ṣe ẹgbẹ́?"

"Ẹgbẹ́ ni wọ́n. O fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

"Mo tó bẹ́ẹ̀, sà? Ó ku ẹyọ kan. Èwo nínú wọn la máa ṣe lẹ́ẹ̀mejì tí páálí á padà sí bó ṣe wà?"

Bàbá ti ń dáhùn kó tó mọ̀. "Ká fi sílẹ̀ bó ṣe wà, ìyẹn Aláìṣe-nǹkan. Ìdojúdélẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Yíyí ò sí níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta la máa yí i kó tó dé ilé. Mẹ́rin ni."

"Mẹ́rin nínú mẹ́fà." Aránṣọ rẹ ohùn sílẹ̀. "Bí mo bá ní aṣọ ọ̀pá mẹ́fà, mi ò lè gé e ní ọ̀pá mẹ́rin-mẹ́rin kó má ṣẹ́kù. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa, sà: ẹgbẹ́ kékeré gbọ́dọ̀ wọn ẹgbẹ́ ńlá tán láìṣẹ́kù. Báwo ni àwọn mẹ́rin yìí ṣe máa wá jẹ́ ẹgbẹ́ kékeré?"

Bàbá wá ọ̀nà àbáyọ bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn, ohun àkọ́kọ́ tó sì bà á lọ́wọ́ ni ìjà rẹ̀ àtijọ́. "Àmọ́ o ò fi hàn pé àkójọ náà kò ṣófo!"

"Sà, ẹni tó bá ní ẹgbẹ́ kékeré ni wọ́n lẹ máa ń bi bẹ́ẹ̀. Mo ní wọn kì í ṣe é." Ó rọra rẹ́rìn-ín músẹ́. "Wọn ò sì ṣófo náà, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kà wọ́n tán ni."

Bàbá gba páálí náà. Ó di igun òkè mú, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Ó di igun òsì mú, ó tún dojú rẹ̀ délẹ̀. Iwájú ti padà sókè, àmọ́ igun ẹlẹ́yọ kan ti ṣí kúrò láyè rẹ̀. Yíyí ni. Ìdojúdélẹ̀ méjì tó wà nínú àwọn mẹ́rin náà ló so pọ̀, èsì wọn sì ti jáde síta lójú rẹ̀ kedere. Ó fa ìwé ìbéèrè láti abẹ́ ìwé mìíràn. Ó kà á. Ó tún un kà, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ní káwọn èèyàn ṣe. Onípààrọ̀ dà? Kò sí níbẹ̀. Ara bù ú máṣọ.

Àwọn mẹ́tàlélógójì tó kù ńkọ́? Gbogbo wọn ló ti sọ pé "èyí àti tọ̀hún, tọ̀hún àti èyí, ọ̀kan náà ni", láìsí ẹni tó fún wọn láṣẹ. Wọ́n ti fi hàn pé irọ́ jẹ́ òótọ́, òun náà sì ti fi máàkì sí i lẹ́ẹ̀mẹ́tàlélógójì!

"Ṣé wọ́n máa gbà á, sà?" Aránṣọ béèrè. Kò mẹ́nu kan gbọ̀ngàn ìdánwò rárá. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ́ téèpù tó wà lọ́rùn rẹ̀. "Ẹlẹ́ẹ̀kẹta mi nìyí."

Ibẹ̀ ló yẹ kí Bàbá ti sọ ọ́. Gbólóhùn kan péré ni: èmi ni mo ṣì í. Ó ya ẹnu, ohun tó sì jáde ni, "Máa lọ ná. Màá wò ó." Aránṣọ dúpẹ́, ó lọ, ó gbàgbé páálí rẹ̀ sórí tábìlì. Ojú ti Bàbá wẹ̀lẹ̀, kò sì sẹ́nì kankan nínú yàrá tó rí i.

Nílé, ó jẹ́wọ́ fún ìyàwó rẹ̀, ó kó ọ̀rọ̀ ìbéèrè náà kalẹ̀, ó tiẹ̀ dojú páálí délẹ̀ fún un lórí tábìlì oúnjẹ. Ìyàwó wò ó títí, ó ní, "Ó yé mi. Ẹni mẹ́rin ò lè pín mẹ́fà. Ẹ wá fi ẹnu yín sọ pé ẹ̀yin náà máa ń ṣàṣìṣe, kí n kọ ọjọ́ òní sílẹ̀."

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, jọ̀ọ́."

"Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ṣé gbogbo ọ̀dọ́ ọlọ́pọlọ pípé yẹn, kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó bi yín léèrè ní gbọ̀ngàn?"

Bàbá gbé ife omi, ó mu ún pẹ́. Ìyàwó tó ti fi ọdún márùndínlógójì wo bí aláìsàn ṣe ń fi ohun tó ń dùn wọ́n pamọ́, kò tún un bi. Ó kàn sọ pé, "Omi yẹn ti tán nínú ife tipẹ́." Ó kó àwo kúrò nílẹ̀.

Ọ̀gá ẹ̀ka ìṣirò, ọmọ tí Bàbá kọ́ ni. Ìwé ìdánwò rẹ̀ kan tó ní òǹtẹ̀ pupa ṣì wà nínú fírémù lára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, ó máa ń fi han àlejò. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bàbá, ẹ má dààmú ara yín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kẹ́ ẹ fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ ká fagi lé ìbéèrè kẹrin. Ká fi ọgọ́rin tó kù ṣírò fún gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó fẹjọ́ sùn. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí Bàbá. Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́, ó dùn gan-an. Ó dé yàrá rẹ̀, ó kanlẹ̀kùn, ó wọlé, ó sì kọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rin sórí ìwé. Ó sọ ọ́ di ti ọgọ́rùn-ún. Kò tó mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Aránṣọ já. Bí wọ́n bá fagi lé ìbéèrè kẹrin, àwọn mẹ́tàlélógójì tí kò rí irọ́ náà á yege, ẹyọ ẹni tó rí i á lọ sílé. Ó wo páálí lórí tábìlì. Inú rẹ̀ bà jẹ́, kì í ṣe nítorí ìbéèrè mọ́.

Ìgbìmọ̀ jókòó lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ mẹ́sàn-án yí tábìlì gígùn kan ká, bísíkíìtì àti tíì níwájú wọn. Ọ̀gá ẹ̀ka dé orí iṣẹ́ Bàbá, ó fi ọgbọ́n sáré ọ̀rọ̀. "Ìbéèrè kẹrin ní ìṣòro díẹ̀. A dá a lábàá pé ká fagi lé e. Níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò ti ráhùn ní gbọ̀ngàn..."

"Ẹnì kan ráhùn," Bàbá wí.

Ó ti dìde. Ó yọ páálí Aránṣọ látinú àpò kóòtù rẹ̀. Ó fi han gbogbo wọn, mẹ́rin nínú mẹ́fà, kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹni tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú àwọn olùkọ́ ti fọwọ́ bo ẹnu kó tó parí. Bàbá ní, "Iṣẹ́ mi ni. Mo gé ọ̀rọ̀ kan sọnù. Mo tún fi máàkì sí irọ́ nígbà mẹ́tàlélógójì, torí pé ìdáhùn tó wà lórí mi ni mò ń kà, mi ò ka tiwọn. Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Nínú gbọ̀ngàn, obìnrin yìí dìde, ó fẹ́ sọ fún mi. Mo ní kó jókòó. Mo ní ìbéèrè mi kì í ṣàṣìṣe. Níwájú gbogbo èèyàn ni mo ti sọ ọ́, níwájú gbogbo yín ni mo ti ń kó o jẹ. Bí ẹ bá fagi lé ìbéèrè yìí, mo ti ní kó jókòó lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, kò sì ní lè dìde mọ́."

Irọ́ lè rìn fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ fi ń bá a. Ọ̀gá ẹ̀ka ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ti tán lójú rẹ̀. "Àwọn tó kù ńkọ́, Bàbá? Àwọn náà, ìbéèrè yín ló ṣì wọ́n lọ́nà."

Bàbá ti ronú sí ìyẹn. Nínú ìdáhùn wọn, pé àkójọ náà kò ṣófo, òótọ́ ni, onípààrọ̀ tàbí kì í ṣe onípààrọ̀: Aláìṣe-nǹkan wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Pé ẹni tó ń túni ká wà nílé, òótọ́ ni, torí ohun tó bá padà délé lẹ́ẹ̀mejì, òun fúnra rẹ̀ ló ń tú ara rẹ̀ ká. Òfin pípín, wọ́n sọ ọ́ bó ṣe yẹ, ẹ̀tàn ìbéèrè ni kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ibẹ̀ kọ́ ló ti wúlò. Síso méjì pọ̀ nìkan ló wó. Kí wọ́n yọ mẹ́fà yẹn, kí wọ́n fi mẹ́rìnlá sílẹ̀. Wọ́n ṣírò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: kò sẹ́nì kankan nínú wọn tó já.

"Ìyẹn ni pé máàkì mẹ́rin ti kò-ṣófo ló gbà wọ́n là," ni olùkọ́ kan wí.

"Mo ti ń sọ ọ́ fún yín láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n," Bàbá dáhùn. Gbogbo ìgbìmọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó ṣì ń wù ú kó jàre níbì kan ṣáá.

Ó fún Aránṣọ ní mọ́kàndínlógún. Ọ̀gá ẹ̀ka bi í pé kí ló dé tí kò fi pé ogún. Ó ní kò kọ ọ́ sínú ìwé pé ìgbéjáde mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jẹ́ ẹgbẹ́, ẹnu ló fi bi òun ní ọ́fíìsì. Ìwà ò ṣeé fi sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Àpapọ̀ rẹ̀ di mẹ́rìndínláàádọ́ta.

Kí èsì tó jáde, Bàbá mú ìwé ìbéèrè kan, ó fi ìlà pupa yí ìbéèrè kẹrin ká, ó kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé: "Irọ́ ni èyí. Ẹnì kan dìde nínú gbọ̀ngàn láti sọ bẹ́ẹ̀, èmi ni mo ní kó jókòó." Ó gbé òǹtẹ̀ rẹ̀, ó wò ó, ó sì lù ú lé e. Gbì! Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilẹ̀kùn rẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, fóònù tó ti ya àwòrán rẹ̀ kò lóǹkà. Ìyàwó rẹ̀ ti rí àwòrán náà kí Bàbá tó délé, ó sì ti se oúnjẹ sílẹ̀ láìbi í nípa ìkòkò.

Lọ́jọ́ tó ń di ẹrù ìwé rẹ̀ sínú àpótí láti máa lọ sílé, Aránṣọ dé. Ó ti kà á lára ilẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ pọ́n díẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín wà níbẹ̀. Bàbá sáré gbé ẹrù kúrò lórí àga, ó yọjú wo orí rẹ̀ pé kò sí nǹkan, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu eruku ibẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó wí, òun tó jẹ́ pé "ìwọ" ló fi ń pe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. "Páálí yín nìyí. Ẹ má bínú sí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

Aránṣọ gba páálí rẹ̀, ó fi í sínú àpò, kò jókòó.

"Rárá o, sà," ó ní. "Ẹ ti ní kí n jókòó lẹ́ẹ̀kan. Ó kù díẹ̀ kí n má dìde mọ́."

Ẹ̀rín pa Bàbá títí ó fi jókòó sórí àga tirẹ̀, ó yọ ìgò ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ́, kò sì tètè wọ̀ ọ́ padà. Lẹ́yìn náà, òun náà dìde. Orí ìdúró ni àwọn méjèèjì wà tí wọ́n fi di ìwé tó kù tán.